Ẹ́kò Inú Yàrá Òfìfo: Àkọsílẹ̀ Olótùú Ohùn

Ohùn kan, ọ̀nà méjì

Bí òṣèré bá sọ̀rọ̀ nínú yàrá tí kò sí ẹrù kankan nínú rẹ̀, ohùn rẹ̀ máa ń gba ọ̀nà méjì dé inú máíkì. Ọ̀kan ti ẹnu wá tààrà. Èkejì kọ́kọ́ lọ kọlu ògiri, àjà àti táìlì ilẹ̀ kó tó padà wá. Kì í padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ó ń ti ògiri kan bọ́ sí òmíràn, ó ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi kú.

Ariwo jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀ sí èyí. Kì í ṣe ohùn òṣèré, ó sì máa ń dún bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà kọ̀ǹpútà lè kọ́ bó ṣe ń dún níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀, kó sì dín in kù. Ẹ́kò ní tirẹ̀ jẹ́ ohùn òṣèré gan-an: ọ̀rọ̀ kan náà, ìró kan náà, àfi pé ó pẹ́ kó tó dé. Ó dà bí iyọ̀ tó ti yọ́ sínú ọbẹ̀. Kò sí irinṣẹ́ tó lè kó gbogbo rẹ̀ kúrò láìmú lára ọ̀rọ̀ dání. Iṣẹ́ olótùú ohùn ni láti mọ iye tó yẹ kó yọ, àti apá ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè fara gbá a.

Yàrá tí mò ń sọ

Ìran kan nínú fíìmù ni: ìyá àti ọmọ rẹ̀ obìnrin dúró nínú ilé tuntun tí wọn kò tíì kó ẹrù sí. Búlọ́ọ̀kù tí a rẹ́ ní sìmẹ́ǹtì ni ògiri, táìlì ni ilẹ̀, dẹ́kìn sì ni òkè. Yàrá náà gùn ní mítà 4, ó fẹ̀ ní mítà 3.6, ó sì ga ní mítà 3. Àyè inú rẹ̀ jẹ́ bíi kúbíìkì mítà 43.

Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìṣirò hàn wá bí ohùn ṣe ń pẹ́ nínú yàrá ni Wallace Sabine, olùkọ́ físíìsì ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Ní 1895, wọ́n ní kó wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé Fogg, níbi tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ ti ń dún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 5.5 lẹ́yìn tó bá ti panu mọ́. Ó ń kó tìmùtìmù ìjókòó wọ gbọ̀ngàn náà lóru, ó ń fun fèrè ọ́gáànì, ó sì ń wọn bí ìró náà ṣe pẹ́ tó kí etí rẹ̀ má tún gbọ́ ọ mọ́. Bó ṣe ń kó tìmùtìmù sí i ni ìró náà ń yára kú. Ó fi fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, torí ohùn tó bá gba ibẹ̀ jáde kì í padà wá mọ́.

Ohun tó rí kò le: ẹ mú àyè inú yàrá, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 0.161, kí ẹ wá pín in pẹ̀lú ohun tí ń gbé ohùn mì nínú yàrá. Nínú yàrá ìyá àti ọmọ yìí, bí a bá kó aṣọ ara wọn, ara àwọn òṣìṣẹ́, ilẹ̀kùn onípákó àti ìwọ̀nba tí ògiri ń gbé mì jọ, kò ju fèrèsé ṣíṣí tó tó sukuéà mítà 4 lọ. Ìṣẹ́jú-àáyá 1.7 ni ìṣirò náà fún wa. Ìyẹn ni pé bí ìyá bá dákẹ́, yóò gba ohùn rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 1.7 kó tó fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 60 rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ á ti dáhùn kí ìyẹn tó parí.

Sẹ̀ǹtímítà 29

Nínú gbogbo nọ́ńbà tó jẹ mọ́ yàrá yìí, èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ mọ̀. Bí máíkì bá ń jìnnà sí ẹnu, ohùn tààrà ń dín kù: bí a bá sọ jíjìnnà náà di ìlọ́po méjì, dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6 á lọ. Ẹ́kò kì í dín kù bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti kún gbogbo yàrá, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo. Ibì kan wà tí àwọn méjèèjì ti ń bára dọ́gba. Nínú yàrá yìí, fún máíkì tó ń gbọ́ láti ìhà gbogbo, ibẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 29 sí ẹnu, kò tó gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé.

Máíkì àyà tí a fi pamọ́ sínú aṣọ ìyá náà, ní sẹ̀ǹtímítà 20, gbọ́ ohùn ju ẹ́kò lọ pẹ̀lú nǹkan bíi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 3. Irú máíkì kan náà ní sẹ̀ǹtímítà 60 á gbọ́ ẹ́kò ju ohùn lọ pẹ̀lú dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6. Máíkì tó ń kọjú sí ìhà kan ṣoṣo ń ràn wá lọ́wọ́, ó lè sún ibi ìdọ́gba náà dé nǹkan bí ìdajì mítà, ṣùgbọ́n kò lè sún un ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń kọ́kọ́ ṣí fáìlì máíkì àyà nígbà tí ìran bá ti inú ilé òfìfo wá. Bí gèlè bá wà lórí òṣèré, ibi tí gèlè ti pàdé iwájú orí tún dára: ó sún mọ́ ẹnu, aṣọ kì í sì í ha á bíi ti àyà.

Pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan

Dúró sí àárín ògiri méjì tó kọjú síra wọn, kí o pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá gbọ́ ìró kan tó ń gbọ̀n bí wáyà tí a ta lọ́wọ́, ẹ́kò yẹn kì í ṣe ti gbogbo yàrá. Ti ògiri méjì yẹn ni. Mítà 3.6 ló wà láàárín wọn, nítorí náà ìró náà ń rin mítà 7.2 ní àlọ àti àbọ̀. Nínú ooru wa, ohùn ń rìn ní bíi mítà 350 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó túmọ̀ sí pé àtẹ́wọ́ kan ṣoṣo ń parí àlọ àti àbọ̀ yẹn ní nǹkan bí ìgbà 48 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Irú èyí ló ń jẹ́ kí ohùn èèyàn máa dún bíi pé inú agolo ló ti ń sọ̀rọ̀. Irinṣẹ́ tí a ṣe láti wá ìró tó ń rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mú, nítorí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ jù. Àmọ́ níbi iṣẹ́, òun ló rọrùn jù láti pa: ọ̀kan ṣoṣo nínú ògiri méjèèjì ni kí ẹ fi nǹkan bò. Bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tó nípọn tí a gbé kọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà ti tó láti fọ́ àlọ àti àbọ̀ náà.

Ohùn òkè ń bo ohùn ìsàlẹ̀

Yorùbá ń fi gíga àti ìrẹ̀sílẹ̀ ohùn sọ ìtumọ̀, ẹ́kò sì ń kó ohùn àná sórí ohùn òní. Ẹ gbọ́ gbólóhùn ìyá nínú ìran yìí: "Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé mi ò fẹ́ ilé tó jìnnà sọ́jà." Sílébù tó gbẹ̀yìn, *jà*, jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó ṣáájú rẹ̀, *sọ́*, sì jẹ́ ohùn òkè. Lẹ́nu wa, ohùn ìsàlẹ̀ tó bá tẹ̀lé ohùn òkè máa ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á sì máa já wálẹ̀. Jíjá yẹn ni etí fi ń mọ̀ ọ́n.

Ká ní ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá ló wà láàárín sílébù méjèèjì. Nínú yàrá tó ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 1.7, ẹ́kò *sọ́* á ti dín kù ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 7 péré nígbà tí *jà* bá ń jáde. Ohùn wa sì máa ń rọlẹ̀ bí gbólóhùn bá ti ń lọ sópin, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí *jà* fúnra rẹ̀ má lágbára ju ẹ́kò tó wà lórí rẹ̀ lọ. Olùgbọ́ á gbọ́ ohùn òkè tí kò jábọ́. Fún èmi, èyí ló burú jù nínú ẹ́kò fún fíìmù Yorùbá, torí pé ọ̀rọ̀ lè pé ní kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, kí olùgbọ́ sì tún máa bi ara rẹ̀ pé kí ni wọ́n sọ.

Géètì kò mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń kọ́kọ́ lò ni géètì: irinṣẹ́ tó ń ti ohùn pa nígbà tó bá ti lọ sílẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ. Ààrin ọ̀rọ̀ á mọ́ tónítóní, ó sì lè dà bíi pé iṣẹ́ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹ́kò tó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kò kúrò. Bí ìyá bá lanu, yàrá á ṣí pẹ̀lú rẹ̀; bó bá pa á dé, yàrá á pa dé. Olùwòran lè má mọ orúkọ ohun tó ń dà á láàmú, àmọ́ yóò mọ̀ pé nǹkan kan ń já.

Bí mo bá fẹ́ dín ẹ́kò tó wà láàárín gbólóhùn kù, mi ò ní jẹ́ kó lọ pátápátá. Dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 4 sí 6 tó, kó sì máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, màá fi ìró yàrá gan-an, èyí tí a gbà sílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn dákẹ́, sábẹ́ gbogbo ìran náà kí ìyàtọ̀ má baà hàn.

Èwo ló ṣáájú

Ètò iṣẹ́ ṣe pàtàkì ju orúkọ irinṣẹ́ lọ. Màá kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì àkọ́kọ́, kí n lè padà sí i. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló tẹ̀lé, nítorí irinṣẹ́ ẹ́kò ń wo bí ìró ṣe ń rẹ̀, ariwo tí kì í rẹ̀ sì ń bo òpin ẹ́kò mọ́ ọn lójú. Ẹ́kò ló kàn. Ìgbà tí mo bá ṣe èyí tán ni mo tó máa tún bẹ́ẹ̀sì àti ìró tínrín ohùn náà ṣe, kọ́ńpúrẹ́sọ̀ á sì wá gbẹ̀yìn.

Ẹni tó bá fi kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ṣáájú ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́kò. Kọ́ńpúrẹ́sọ̀ ń tẹ ohun tó pariwo mọ́lẹ̀, a ó sì wá gbé gbogbo rẹ̀ sókè. Bó bá tẹ orí ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6, tí a sì gbé gbogbo rẹ̀ padà ní 6, ọ̀rọ̀ á wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀, ẹ́kò tó rọlẹ̀ láàárín wọn á sì ti ga ní dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 6.

Gbọ́ ohun tí o yọ

Nínú `RX` ti ilé-iṣẹ́ iZotope, irinṣẹ́ `De-reverb` ní ibì kan tí a kọ `Output reverb only` sí. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, kò ní jẹ́ ká gbọ́ ohùn tó mọ́. Ohun tó fẹ́ yọ kúrò nìkan ló máa gbé jáde. Èmi kì í ṣe ìpinnu kankan láìgbọ́ ọ.

Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni ìró rírú, bí ìgbà tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. Bí mo bá lè mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, tí mo gbọ́ *bàbá*, tí mo gbọ́ *ilé* ketekete, ó ti ń mú ọ̀rọ̀ lọ. Màá dín `Reduction` kù títí ìró náà fi máa padà di rírú. Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ ohùn tó kù, màá sì fi wé ti àkọ́kọ́. Kí àwọn méjèèjì pariwo bákan náà kí n tó fi wọ́n wéra: bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, etí á yan èyí tó ga, bó tiẹ̀ burú jù.

Àmì mìíràn tó ń sọ pé ó ti pọ̀ jù ni pé *s*, *ṣ* àti *f* á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wẹ́wẹ́, fáwẹ̀lì á sì máa dún bíi pé ẹni náà wà lábẹ́ omi.

Sílébù ìkẹyìn

Irinṣẹ́ náà kò gbọ́ Yorùbá. Ohun tó rí ni agbára ìró kan tó ga, tí ìró mìíràn tó rọlẹ̀ tó sì ń rẹ̀ sì tẹ̀lé e. Bí ẹ́kò ṣe ń ṣe nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni *jà* ń ṣe lẹ́yìn *sọ́*. Nígbà tí mo bá ṣiṣẹ́ lórí gbólóhùn ìyá náà pẹ̀lú ìwọ̀n kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbẹ̀rẹ̀ á mọ́, òpin á sì dún bíi pé ẹnì kan gbọ́wọ́ bò ó lẹ́nu.

Nítorí náà mo máa ń gé gbólóhùn sí méjì. Apá àkọ́kọ́, títí dé *jìnnà*, á gba ìwọ̀n tó pọ̀. *Sọ́jà* á gba ìdajì rẹ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Màá wá so wọ́n padà, kí ọ̀kan máa rẹ̀ bí èkejì ṣe ń wọlé, ní ibi tí kọ́ńsónáǹtì wà, torí etí kì í tètè rí ojú ìsopọ̀ níbẹ̀. Ẹ́kò díẹ̀ á ṣẹ́kù lẹ́yìn *jà*, ṣùgbọ́n jíjábọ́ ohùn náà á hàn. Mo máa ń ṣe bákan náà fún ọ̀rọ̀ tó bá parí sí fáwẹ̀lì àránmúpè, bíi *ọ̀run*, nítorí òun náà máa ń tètè rọ.

Ilẹ̀ ni búùmù ń wò

Máíkì orí ọ̀pá búùmù máa ń wà lókè orí òṣèré, ó ń kọjú sísàlẹ̀. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ lẹ́yìn ẹnu òṣèré ni táìlì. Nínú àwòrán tó sún mọ́ ojú, kámẹ́rà kò rí ilẹ̀ rárá, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ́ nǹkan sí: kápẹ́ẹ̀tì, bùláńkẹ́ẹ̀tì, fóòmù ibùsùn.

Fóòmù ibùsùn ńlá méjì lè fi nǹkan bíi sukuéà mítà 5 kún ohun tí ń gbé ohùn mì nínú yàrá wa. Mẹ́rin di mẹ́sàn-án, ìṣẹ́jú-àáyá 1.7 á sì di nǹkan bíi 0.8. Ẹ́kò *sọ́* tó ń fi dẹ̀síbẹ́ẹ̀lì 7 sílẹ̀ kí *jà* tó dé á máa fi 15 sílẹ̀. Kò sí irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó lè fún wa ní irú ìyàtọ̀ yẹn láìba ohùn jẹ́.

Kírẹ́ẹ̀tì ẹyin tí àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè ṣe é. Pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Ìwọ̀nba ìró tínrín díẹ̀ ló lè dí lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀sì ohùn ọkùnrin á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ìgbì ohùn tó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan gùn ní mítà 3.5, ohun tó nípọn nìkan ló lè mú un. Aṣọ tínrín ní irú àléébù yìí náà: yàrá tí a fi lésì tàbí aṣọ fèrèsé fẹ́lẹ́ kọ́ yíká á pàdánù dídán ohùn, hùú-hùú ìsàlẹ̀ á sì kù síbẹ̀.

Ojú ti rí ògiri

Ó yẹ kí ẹ́kò díẹ̀ kù. Bí kámẹ́rà bá fi gbogbo yàrá hàn, tí ìyá àti ọmọ dúró lórí táìlì láàárín ògiri mẹ́rin tí kò ní nǹkan kan, ohùn tó gbẹ bíi ti rédíò kò ní bá ohun tí ojú rí mu. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni mo máa ń yọ. Bí kámẹ́rà bá sún mọ́ ojú, màá yọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó le ni kí àwọn àwòrán náà bára mu nígbà tí a bá ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Màá kọ́kọ́ mú èyí tí ẹ́kò rẹ̀ burú jù, màá ṣe é dé ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lè farada á, ìyẹn á sì di òdiwọ̀n. Àwọn tó mọ́ jù ú lọ ni mo máa ń fi ẹ́kò díẹ̀ kún kí wọ́n lè bá a dọ́gba. Fún èyí, mo máa ń bẹ àwọn tó ń gba ohùn níbi iṣẹ́ pé kí wọ́n fọ́ bàlúùnù kan nínú yàrá náà kí wọ́n tó kó irinṣẹ́ wọn kúrò, kí wọ́n sì gba ìró rẹ̀ sílẹ̀ títí yóò fi kú. Kọ̀ǹpútà lè fi ìró yẹn kọ́ ìṣe yàrá náà, kó sì fi í sára ohùn mìíràn.

Bí wọ́n bá ní ká yọ gbogbo rẹ̀

Ìbéèrè tí àwọn olùdarí fíìmù máa ń bi mí ni: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò lè bá wa yọ ẹ́kò yìí tán pátápátá?" Èsì mi ni pé ká pe ẹnì kan tí kò ka ìwé eré náà rí. Kó má wo àwòrán. Ká jẹ́ kó gbọ́ gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan, kó sì sọ ọ́ padà fún wa.

Bó bá sọ ọ́ pé, iṣẹ́ ti tó. Bí mo bá tún yọ sí i, ọ̀rọ̀ ni màá máa yọ. Bó bá ṣì ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo gbọ́, màá dín ohun tí mo yọ níbẹ̀ kù, tàbí kí n wá ọ̀rọ̀ kan náà nínú ìgbà mìíràn tí òṣèré sọ ọ́, kí n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ fáìlì àkọ́kọ́ gan-an yé, tí a kò tíì fọwọ́ kàn, kò sí ohun tí irinṣẹ́ kankan lè fà jáde níbẹ̀. Kí òṣèré wá sí sitúdíò, kó tún gbólóhùn náà sọ bó ṣe ń wo ẹnu ara rẹ̀, ká sì fi ìró bàlúùnù tí a gbà sílẹ̀ dá a padà sínú yàrá náà. Gbólóhùn kan tàbí méjì ló sábà máa ń nílò èyí nínú ìran kan. Ó dára kí a sọ ọ́ fún olùdarí kí òṣèré tó rìnrìn àjò lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.